Kí Ọkọ̀ Tó Dé Ilé Ìwòsàn: Onígbáméjì àti Omi Tó Ń Gba Ẹ̀mí Là ní Life Camp

Onígbáméjì kì í fi àsìkò ṣeré. Ẹni tó jẹun alẹ́ tán tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá lè bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru lọ́gànjọ́ òru, kí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ̀mí sì bọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tó ń pa á ni omi àti iyọ̀ ara tó ń jáde láìdáwọ́ dúró. Bí omi náà bá ń padà wọlé bó ṣe ń jáde, ara á fúnra rẹ̀ lé kòkòrò náà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá padà wọlé, oògùn tó dára jù lọ ní Àbújá lè má bá aláìsàn náà láàyè. Ìdí nìyí tí wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé fi ṣe pàtàkì ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò lọ.

Ẹni tó ń gbé Life Camp lè sọ pé àrùn àwọn tí kò rí omi mu ni. Àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Julius Berger ni, ògiri yí ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ ká, bọ́ọ̀hóòlù sì wà nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Karmo àti Dape wà, Gwagwa náà kò sì jìnnà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ, tó ń ṣọ́ géètì, tó ń wa ọkọ̀, tó ń fọ aṣọ tó sì ń tọ́jú ọmọ ní Life Camp ti ń wá láràárọ̀. Ẹja tí a ń rà ní ọjà ẹja Kado, ẹ̀fọ́ tó ń ti Karmo wá, àti zobo tí a ń mu lẹ́bàá òpópónà kò mọ ògiri. Ní ọdún 2021, nígbà tí onígbáméjì jà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, iye àwọn tí a fura sí pé wọ́n kó o lé ní 111,000, ó sì pa 3,604. Ní oṣù Keje ọdún náà, Mínísítà Kékeré fún Olú-ìlú, Dókítà Ramatu Aliyu, kéde pé ó ti pa ènìyàn 60 ní agbègbè Àbújá. Jabi, níbi tí olú iléeṣẹ́ NCDC tó ń gbógun ti irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ sí Life Camp.

Ó dára ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe. Ẹnu ló ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ aláìsàn ti kàn. Omi kíkan inú ikùn á pa púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èyí tó wọlé bá pọ̀, díẹ̀ á yè é, á sì lẹ̀ mọ́ ara ìfun kékeré. Níbẹ̀ ló ti ń tu májèlé tó ń fipá mú ìfun máa da iyọ̀ àti omi ara jáde. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó wọlé, ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́ ó lè jọ ìgbẹ́ gbuuru lásán. Kò ní pẹ́ tí kò ní ní àwọ̀ ìgbẹ́ mọ́, á rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, á sì máa rùn bí ẹja. Kì í sábà ní ẹ̀jẹ̀, ibà kì í sì sábà bá a rìn. Èébì á tẹ̀ lé e, iṣan ẹsẹ̀ á sì máa so. Nígbà tó bá le jù, àgbàlagbà lè pàdánù tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Nínú àwọn tó bá le sí lára tí wọn kò rí ìtọ́jú, ìdajì lè kú.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kó kòkòrò náà kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ara wọn á yá tàbí kí ikùn wọn kàn yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n á máa ya kòkòrò náà jáde fún ọjọ́ kan sí mẹ́wàá. Òun ló jẹ́ kó ṣòro láti mọ ẹni tó gbé e wọ àdúgbò.

Nínú ìfun kan náà tí májèlé ti ṣí ọ̀nà ìjáde sílẹ̀ gbayawu, ilẹ̀kùn mìíràn wà tí kò bàjẹ́. Ilẹ̀kùn náà kì í gba iyọ̀ wọlé ní òun nìkan, àfi bí ṣúgà bá bá a rìn. Bí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Bí aláìsàn bá mu omi lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ tí kò ní iyọ̀ tó, ṣúgà náà á tún fa omi jáde lára. Bó bá mu omi tí iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ wà ní ìwọ̀n, ara á gbà á, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà: wọ́n á fún aláìsàn ní ife méjì, wọ́n á rí i pé ìgbẹ́ kò dúró, wọ́n á ní omi náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n á sì dáwọ́ dúró. Omi náà kì í dá ìgbẹ́ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ènìyàn wà láàyè títí ìgbẹ́ á fi dáwọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1971 ni ayé rí ẹ̀rí rẹ̀ ní gbangba. Ogun lé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn láti ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ìlú Bangaon, Dókítà Dilip Mahalanabis rí i pé omi díríìpù tó wà lọ́wọ́ òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ń wọlé ju àwọn tó lè fa díríìpù lọ. Ó ní kí wọ́n wọn ṣúgà glúkóòsì, iyọ̀ oúnjẹ àti sódà, kí wọ́n pò ó mọ́ omi nínú àwọn àgbá, kí àwọn ìyá, ọkọ, àti àwọn arákùnrin aláìsàn sì máa bù ú fún wọn mu. Àwọn ìbátan ló ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Níbi tí nǹkan bí ènìyàn 20 sí 30 ti ń kú nínú 100 tẹ́lẹ̀, iye náà já sí nǹkan bí mẹ́rin péré.

Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìjà onígbáméjì tó bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà ní ọdún 1961 dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, ó sì wọ orílẹ̀-èdè wa ní òpin ọdún náà. Ní 1991, nínú 59,478 tó kó o, 7,654 ló kú: nǹkan bí 13 nínú 100. Ní 2021, nǹkan bí mẹ́ta nínú 100 ló kú. Ìyàtọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n mẹ́ta ṣì pọ̀ jù. Níbi tí omi bá tètè dé ẹnu aláìsàn, iye náà kì í pé ọ̀kan nínú 100.

Ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà rìn ní àyíká Life Camp kò ṣòro láti tọ́. Nígbà òjò, àgbàrá á gbé ìgbẹ́ kúrò ní pápá àti ṣáláńgá tó ti kún, á sì dà á sínú kànga tí kò ní ìdérí. Ó yẹ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán. Níbi tí ilé bá ti há bíi ti àwọn àgbàlá Karmo, ilẹ̀ kò gba ìyẹn láàyè. Kànga, ṣáláńgá àti sóókàwéè á jọ máa wo ara wọn lójú. Omi ẹ̀rọ ìjọba náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí páìpù tó ti lu sì gba inú gọ́tà kọjá, páìpù náà á fa omi gọ́tà sínú. Ìdí nìyẹn tí omi tó kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ pẹ́ fi yẹ ká jẹ́ kó ṣàn dànù.

Lẹ́yìn náà ni ti mẹ́rúwà. Ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ láti géètì dé géètì, kẹ́ẹ̀gì sì tò sórí rẹ̀. Bọ́ọ̀hóòlù tó ti pọn omi lè mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n wo ẹnu rọ́bà tó fi ń pọn ún: ilẹ̀ ló sùn lé. Wo inú kẹ́ẹ̀gì náà: ó lè pẹ́ gan-an tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ewéko sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá dé ilé, a ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, gbogbo ilé á sì máa ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ife. Omi tó mọ́ níbi tó ti wá lè ti bàjẹ́ kó tó dé ẹnu. Kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rùn tóóró tí a ń tẹ̀ dà, tí ọwọ́ kò lè wọ̀, sàn ju dúrọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu gbẹndẹku lọ. Nígbà tí àrùn bá wà níta, ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yaya, tàbí kí ẹ fi oògùn kílórìnì sí i bí páálí rẹ̀ ṣe wí.

Oúnjẹ náà ń gbé e. Ìrẹsì tó sùn mọ́jú láìgbóná padà, ẹja tí omi tí kò dára fọ̀, sàláàdì, àti ohun mímu tí wọ́n fi yìnyín sí wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ilé olówó kò ní ìṣòro yìí, kó rántí Èkó ní oṣù Kẹfà 2024. Eti-Osa, níbi tí Lekki àti Victoria Island wà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tó ti le jù, ìwádìí àwọn elétò ìlera Èkó sì tọ́ka sí ohun mímu ọ̀fìo tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹnì kan kó ọ̀fìo sínú ìgò, ó sì gbé e gba géètì kọjá.

Ọ̀nà kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: inú ilé aláìsàn fúnra rẹ̀. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ènìyàn lágbára ju èyí tó ti pẹ́ nínú omi lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti mú ẹlòmíràn. Ìyàwó tó ń nu èébì tó sì lọ pò ẹ̀bà fún àwọn ọmọ, tàbí àwọn tó wẹ òkú tí wọ́n sì jókòó jẹun ìsìnkú, lè gbé e dé ilé mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká gbà pé awakọ̀ kan ń gbé nínú bọ́ìsì kọ́tà ní Life Camp pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó wọn kílò 60. Aago méjì òru ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nígbà tí aago márùn-ún máa fi lù, ó ti lọ sí ṣáláńgá nígbà mẹ́jọ, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó dúró dé ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n lọ sí kẹ́míìsì ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ìṣìnà ni ìyẹn: oògùn tó ń so ìfun kì í dá omi ara padà, ó sì lè sé ìgbẹ́ mọ́ inú kí àwọn ará ilé rò pé ó ti ń sàn.

Kí ni kí ìyàwó náà ṣe? Kó kọ́kọ́ wo ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú díẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà, ó sì lè gbé ife fúnra rẹ̀. Kó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ ẹni tí omi ara rẹ̀ pé á sáré padà lójú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ rọra padà, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó túmọ̀ sí pé ó ti pàdánù omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì lè gbà á padà.

Ìwọ̀n tí àwọn elétò ìlera ń lò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mílílítà 75 omi oníyọ̀ àti ṣúgà náà fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́rin. Fún kílò 60, ó jẹ́ lítà mẹ́rin àtààbọ̀, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́sàn-án. Ó dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ pín in sí wákàtí mẹ́rin: ó jẹ́ ife kékeré kan tó gba mílílítà 200 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bó bá bì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn. Níbí ni aládùúgbò ti wúlò. Ìyàwó náà ti rẹ̀, ó sì tún ní láti fọ nǹkan. Ìyá kan láti ilé kejì lè jókòó tì í, kó di ife mú, kó máa sọ pé, "Dáádì, ẹ má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi sẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ nínú ife yìí." Ẹni tó bá ń mì kàkà lẹ́ẹ̀kan á bì í padà, ẹni tó bá ń mu díẹ̀díẹ̀ á gba púpọ̀ sára.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n tún fa awọ náà wò. Bí òùngbẹ bá ti ń dín kù, tí awọ ń sáré padà, tó sì ti tọ̀, omi náà ń ṣiṣẹ́. Títọ̀ ni àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nítorí kò ṣòro láti bi aláìsàn léèrè. Láti ìgbà náà, ife kan sí méjì lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì máa jẹun bí ikùn bá ti gbà, títí ọ̀ràn náà á fi parí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Pípò omi náà gan-an ni ibi tí ẹ̀mí ti lè bọ́ láìmọ̀. Ọ̀rá ORS kan tó wà ní kẹ́míìsì sábà jẹ́ ti lítà kan. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó já a. Omi inú ọ̀rá tí a ń mu jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà ọ̀rá omi méjì ló bá ọ̀rá ORS kan mu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ènìyàn á já omi kan ṣoṣo, á da gbogbo ìyẹ̀fun ORS sínú rẹ̀, á sì fún ọmọ mu. Iyọ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, ó sì lè fa gìrì fún ọmọ kékeré. Ẹ da omi méjèèjì sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, ẹ rò ó títí tí yóò fi yòrò tán. Ẹ má sè é lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó, ẹ má sì fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò dípò omi. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Èyí tó bá kọjá wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Bí kò bá sí ORS nílé, ẹ bu omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan. Kí ṣíbí kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Àwọn ìyá tó tọ́mọ ní àsìkò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera rántí ìwọ̀n mìíràn: ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá, iyọ̀ ṣíbí kan. Ìwọ̀n yẹn dára nígbà náà, ṣùgbọ́n ṣíbí rẹ̀ jẹ́ ṣíbí kékeré tó ń gba mílílítà mẹ́ta, omi rẹ̀ sì jẹ́ mílílítà 600. Bí ẹ bá fi ṣíbí tíì òde òní wọn ín, iyọ̀ á pọ̀ jù. Ẹ mú ìwọ̀n kan, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀. Omi tí a pò nílé yìí kò ní pòtásíọ̀mù tó wà nínú ORS. Afárá ló jẹ́ títí ẹnìkan á fi rí ORS rà wá.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí omi ara rẹ̀ kò tíì dín kù, ìdámẹ́rin ife sí ìdajì ife lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún èyí tó wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́sàn-án, ìdajì sí ife kan. Ṣíbí ni kí ẹ fi fún un. Kí ìyá má dáwọ́ ọmú dúró. Oògùn síńkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ń dín ìgbẹ́ ọmọ kù. Ìdajì rẹ̀ ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìwọ̀n omi yìí kan náà ló wà fún àwọn ìgbẹ́ gbuuru mìíràn tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, bíi ti rótáfáírọ́ọ̀sì, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní àjẹsára rẹ̀ ní 2022. Kò pọn dandan kí ẹ dúró mọ orúkọ àrùn náà kí ẹ tó pò omi. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ máa fún un lómi, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹnu ní òpin tirẹ̀. Bí aláìsàn bá ń sùn tí kò ṣeé jí, bí kò bá lè mu mọ́, bí èébì kò bá jẹ́ kí nǹkan kan dúró, bí awọ tí ẹ fà bá dúró sókè ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, tàbí bí ẹ kò bá rí ìlù iṣan ọwọ́ rẹ̀ mọ́, díríìpù ló kù. Nínú ọ̀ràn awakọ̀ wa, ó jẹ́ lítà mẹ́fà láàárín wákàtí mẹ́ta, ó dín díẹ̀ ní lítà méjì nínú rẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́. Kò sí ilé tó lè ṣe ìyẹn. Ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gwarinpa tàbí ibòmíràn tó súnmọ́ yín. Bó bá lajú, kó máa mu lójú ọ̀nà. Bí kò bá lajú, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, kó má baà gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà lè fún un ní oògùn apakòkòrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló ṣáájú.

Nígbà tí aláìsàn bá ti ju ọ̀kan lọ ní àdúgbò, ilé kọ̀ọ̀kan kò lè dá a ṣe. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní ibùdó omi ìlera ti wúlò. Kò ju tábìlì kan lọ lábẹ́ ìbòrí: bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu ẹ̀rọ tí omi tó ti ní kílórìnì wà nínú rẹ̀, ORS, ife púpọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì fún èébì, ọṣẹ àti omi ìfọwọ́, ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àti ilé, àti ènìyàn méjì tí a ti kọ́. Kó wà ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé aláìsàn dé, ẹnu géètì, ìta mọ́ṣáláṣí, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹni tí omi ń dà lára rẹ̀ kò lè jìnnà. Àwọn tó wà níbẹ̀ á wo ẹni tó bá dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó awakọ̀ ṣe wò ó. Ẹni tó lè mu, kó jókòó mu. Ẹni tó bá sàn díẹ̀, kó gba ORS ọjọ́ méjì lọ sílé. Ẹni tí awọ rẹ̀ dúró, kí wọ́n pe ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ìmọ́tótó níbẹ̀, ibùdó náà á di ibi tí àrùn ti ń tàn. Kí wọ́n fi omi kílórìnì fọ ife lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan, kí ṣáláńgá tí aláìsàn ń lò má jẹ́ ti gbogbo ará àdúgbò.

Nínú ilé, ẹ da bílíìṣì sórí èébì àti ìgbẹ́ kí ẹ tó kó o dànù sí ṣáláńgá, ẹ má dà á sí gọ́tà. Bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́fà ló tọ́ fún nínu ilẹ̀. Ẹ má fọ aṣọ aláìsàn lẹ́bàá kànga. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dáná fún ilé lọ́jọ́ náà bí ẹlòmíràn bá wà.

Bí ẹni méjì tí wọ́n ti lé ní ọdún méjì bá ní irú ìgbẹ́ omi yìí ní àdúgbò kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì gbẹ wọ́n lára gan-an tàbí tó pa wọ́n, ẹ pe NCDC lórí 6232. Ìpè ọ̀fẹ́ ni. Wọn á wá gba ìgbẹ́ wò, wọn á sì wádìí omi. Bí ẹ kò bá pè, àkọ́kọ́ tí ìjọba máa gbọ́ nípa rẹ̀ lè jẹ́ iye òkú.

Ẹgbẹ́ onílé ní Life Camp máa ń dá owó fún dísù jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀ṣọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, kí wọ́n dá ti páálí ORS kan sí i, kí wọ́n fi sí ilé ẹ̀ṣọ́, kí ẹ̀ṣọ́ náà mọ bí a ṣe ń pò ó. Kí wọ́n sì fún àwọn tó ń wá ṣiṣẹ́ láti Karmo, Dape àti Gwagwa ní tiwọn mú lọ sílé, nítorí nílé wọn ni aago méjì òru ti máa bá wọn.